Owó Tó Kọ́kọ́ Wọlé

Ilé tẹ́tẹ́ náà wà lókè ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́táyà. Ẹni tó bá ń gun àtẹ̀gùn rẹ̀ yóò máa gbọ́ òórùn rọ́bà gbígbóná títí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń fi iye lé eré bọ́ọ̀lù. Wọn kì í ta tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Ìsọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì wà káàkiri ìlú, wọ́n kéré, wọ́n há, ariwo wọn kì í dákẹ́. Yàrá òkè yìí ní tirẹ̀ dákẹ́. Tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀, àti kọ̀ǹpútà mẹ́ta, àti fáànù tó ń mi orí bí ẹni tí kò gba ọ̀rọ̀ gbọ́, àti àga onírọ̀rí kan tí ìrọ̀rí rẹ̀ ti gba àwòrán ìdí ẹni tó ń jókòó lé e.

Ẹni tó ni àga yẹn ni wọ́n ń pè ní Bàbá Adíyelé. Iṣẹ́ rẹ̀ ló di orúkọ rẹ̀. Òun ló ń sọ pé bí ẹgbẹ́ báyìí bá borí, ìlọ́po báyìí ni ilé yóò san fún ẹni tó fi owó lé e. Ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé gbà pé yóò borí, iye rẹ̀ a máa kéré. Ẹgbẹ́ tí kò sẹ́ni tó fọkàn sí, iye rẹ̀ a máa ga. Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni Bàbá ń ṣí iye. Ọ̀sán Àbámẹ́ta, bí fèrè eré bá fẹ́ dún, ni yóò tì í. Láàárín ìṣí àti ìtì, owó tó ń wọlé ni yóò máa ti iye náà síwá sẹ́yìn, bí ilẹ̀kùn tí ẹnì kan ń tì láti ìta tí ẹlòmíràn dì mú láti inú.

Ohun tó sọ Bàbá di ẹni àpọ́nlé nídìí iṣẹ́ náà ni pé ó mọ owó yà sọ́tọ̀. Owó èrò wà, ìyẹn ti ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, owó amòye sì wà. Èrò a máa ta tẹ́tẹ́ lórí ohun tí wọ́n fẹ́ràn, pàápàá ẹgbẹ́ tó lórúkọ. Wọn kì í tètè dé. Ìgbà tí ọjọ́ eré bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń ya dé bí eṣú. Tíkẹ́ẹ̀tì wọn a pọ̀ rẹpẹtẹ, owó orí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ní tó nǹkan. Amòye ní tirẹ̀ kì í ta ẹgbẹ́, iye ló ń ta. Bó bá ti rí i pé ilé fi iye tó ju bó ṣe yẹ lọ sí ohun kan, yóò sáré dé kí ẹlòmíràn tó rí i, yóò ta títí dé ibi tí ilé bá gbà á láyè dé, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í pọ̀. Wọ́n kàn ń wúwo ni. Bí èrò bá dé, ilé lè máa rọra mí. Bí amòye bá dé, kí ilé yáa yí iye padà, nítorí ojú tó ríran ti rí àṣìṣe rẹ̀.

Nígbà òjò tó kọjá ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Bàbá bí kú. Àìsàn tí wọ́n pè ní kékeré ló gbé e lọ. Lọ́jọ́ tí Bàbá padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ dìde, wọ́n fẹ́ kí i. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Mo gbọ́. Ẹ ṣeun. Ẹ má bá mi sọ ọ́ mọ́."

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan olóògbé níwájú rẹ̀, ìbáà ṣe lẹ́nu iṣẹ́, ìbáà ṣe nílé. Ilẹ̀kùn yàrá ọmọ náà wà ní títì, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ bí ẹni ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni nǹkan kò ti gún mọ́ lórí àga onírọ̀rí. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé kan, Màdáámú, obìnrin tó ni ilé tẹ́tẹ́ náà, tètè dé. Ó yíkàá díẹ̀, ó kí Bàbá, kò sì jókòó.

"Bàbá, mi ò mọ bí mo ṣe máa fi ewé wé ọ̀rọ̀ yìí tí kò fi ní korò."

"Má wé e. Gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Iye tí ẹ fi ń ṣílẹ̀kùn ti ń jìnnà sí iye tí gbogbo ọjà tẹ́tẹ́ fi ń tilẹ̀kùn. Bí ẹ bá sì ń yí i padà láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ tún ń gbé e jìnnà sí i ni."

"A pàdánù?"

"Kì í ṣe ẹni tó borí ni mo fi ń dá yín lẹ́jọ́. Bọ́ọ̀lù ń yí, ẹnikẹ́ni lè borí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n máa wo iye ìtì, torí pé nígbà tí wọ́n bá ń tilẹ̀kùn, gbogbo ẹni tó mọ nǹkan ti wí tẹnu ẹ̀. Bí tiwa bá tún dá dúró lọ́tọ̀ ní Àbámẹ́ta yìí, ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ máa lọ sinmi nílé. Olójú-Mẹ́rin á jókòó síbẹ̀."

Olójú-Mẹ́rin, ọkùnrin onígíláàsì tó ń bá Bàbá ṣiṣẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà kejì, tẹ orí ba bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀.

"Kì í ṣe ìbínú o, Bàbá," ni Màdáámú wí. "Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mi ò kàn mọ̀ bóyá ẹ ń ríran ni."

Bàbá fa àga rẹ̀ mọ́ tábìlì. Lórí àga yẹn nìkan ni kò ti jẹ́ ẹni tí ọmọ kú fún. Bí wọ́n bá gbà á, ilé ló kù, ilẹ̀kùn títì sì ń bẹ nílé.

Eré tó wà lójú iwájú ní ọ̀sẹ̀ náà ni ti Ẹgbẹ́ Ńlá pẹ̀lú Aláwọ̀-Ewé. Ta ni kò mọ Ẹgbẹ́ Ńlá? Aláwọ̀-Ewé ní tiwọn, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ń gbé. Àmọ́ Bàbá mọ̀ wọ́n ju bó ṣe fẹ́ lọ. Ẹgbẹ́ tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn ni. Ó ṣírò títí, ó fi ìlọ́po mẹ́rin àbọ̀ sí Aláwọ̀-Ewé. Ẹgbẹ́ Ńlá kò pé ìlọ́po méjì. Àwọn ilé tẹ́tẹ́ ńlá yòókù náà ṣí i bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀.

Kò pẹ́ tó ṣí i tán tí owó fi wọlé. Orí Aláwọ̀-Ewé ni.

"Kí lèyí?" ni Bàbá wí.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni, láti ìsọ̀ tó wà níwájú ọgbà àwọn mẹkáníìkì, ó sì kún dé òpin ohun tí ilé ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kan ní àárọ̀ ìṣí. Òpin yẹn kì í pọ̀ lọ́jọ́ Ajé, torí iye kò tíì gbó, ilé sì ń bẹ̀rù. Kí wọ́n tó wí kí wọ́n tó fọ̀, òmíràn wọlé láti ìsọ̀ kejì, iye owó kan náà. Lẹ́yìn náà, ìsọ̀ kẹta. Tíkẹ́ẹ̀tì ìsọ̀ kì í ní orúkọ. Ohun tí Bàbá ń rí lójú kọ̀ǹpútà kò ju ìsọ̀, àkókò, àti owó lọ.

"Bàbá, Aláwọ̀-Ewé kẹ̀?" Olójú-Mẹ́rin bọ́ gíláàsì, ó nù ún. "Àwọn tí ojú gólì wọn dà bí ẹnu ọ̀nà ọjà, tí gbogbo ayé ń wọlé wọ̀de?"

"Wo bó ṣe wọlé. Àárọ̀ ìṣí. Tíkẹ́ẹ̀tì díẹ̀, owó wúwo. Wọ́n pín in sí ìsọ̀ mẹ́ta kí òpin má baà dá wọn dúró. Ẹgbẹ́ tí èrò kì í ta sì ni. Kí ni mo ti ń kọ́ ọ láti ọjọ́ yìí?"

"Amòye ni," ni Olójú-Mẹ́rin wí, bí ọmọ tó ka ẹsẹ ìwé rẹ̀ lákọ́sórí. Ó tún wo kọ̀ǹpútà. "Ṣùgbọ́n àwọn ilé yòókù ò mira o. Bí amòye bá rí nǹkan, ṣé ilé wa nìkan ló máa wá jẹ?"

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ní ọjọ́ mìíràn, Bàbá ì bá dúró lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, èrò mìíràn ló gbà á lọ́kàn. Ó rò pé nígbà tí òun ń fi iye sí Aláwọ̀-Ewé, ó ṣeé ṣe kí òun ti gbé e ga jù, kí ọkàn òun má baà sọ pé òun ń ṣojúsàájú ẹgbẹ́ ọmọ òun. Ó rò pé àwọn ilé yòókù lè ṣàṣìṣe tiwọn nítorí ohun mìíràn. Ó rò pé ẹnì kan ti rí inú òun láti òde. Èrò náà dẹ́rù bà á. Ó gé iye Aláwọ̀-Ewé sí ìlọ́po mẹ́rin. Tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn tún wọlé láti ìsọ̀ iwájú ọgbà mẹkáníìkì. Ó tún gé e, ó di mẹ́ta àbọ̀. Bí apá kan ìwọ̀n bá sì lọ sílẹ̀, apá kejì gbọ́dọ̀ gòkè: iye Ẹgbẹ́ Ńlá wá lé ní ìlọ́po méjì, ohun tí kò sí ní ilé kankan mìíràn.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan tún wọlé lórí Aláwọ̀-Ewé ní mẹ́ta àbọ̀ yẹn. Ó kéré ju àwọn ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá. Ní Ọjọ́rú, ọ̀rọ̀ di ẹja gbígbẹ, kò ṣeé ká mọ́.

Ẹni tí wọ́n sọ ní Ológbò ló dé. Lórí fóònù ni Ológbò ń ta tirẹ̀, nítorí náà ilé mọ ìwé àkáùńtì rẹ̀. Ó lè jẹ, ó lè má jẹ, ṣùgbọ́n iye tó bá ta, kó tó di Àbámẹ́ta, iye náà yóò ti lọ sílẹ̀. Ohun tí a fi ń mọ amòye gan-an nìyẹn: kì í ṣe pé ó jẹ, bí kò ṣe pé iye tó gbà dára ju iye ìtì lọ, lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ológbò fi owó lé Ẹgbẹ́ Ńlá, títí dé òpin. Àkáùńtì méjì mìíràn tí wọ́n máa ń rìn bíi tirẹ̀ tẹ̀ lé e.

Bàbá wo kọ̀ǹpútà títí ojú fi ń ta á. Amòye tó ti wọlé lórí Aláwọ̀-Ewé lọ́jọ́ Ajé rèé, amòye tún dé sórí Ẹgbẹ́ Ńlá. Báwo ni ẹni méjì tó mọ ọ̀nà yóò ṣe kọ ẹ̀yìn síra wọn ní oríta kan náà?

"Ẹ̀tàn ni," ni Bàbá wí nígbà tó yá. "Àwọn kan náà ni. Wọ́n kọ́kọ́ fi owó díẹ̀ ti Aláwọ̀-Ewé lulẹ̀ nígbà tí òpin kéré, kí n lè gbé Ẹgbẹ́ Ńlá sókè fún wọn. Òpin ti wá ga báyìí, wọ́n wá ń kórè ohun tí wọ́n gbìn."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀," ni Olójú-Mẹ́rin wí. "A ti rí irú ẹ̀ rí. Ẹ wá dá iye padà nígbà náà."

"Bí owó àkọ́kọ́ bá wá jẹ́ òtítọ́ ńkọ́? Tí mo bá dá a padà, tí wọ́n tún bu èyí tó ga jẹ?"

"Bàbá, ẹ wí kan, ẹ má wí méjì!"

"Wo tíkẹ́ẹ̀tì. Èrò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló wà lórí Ẹgbẹ́ Ńlá, síbẹ̀ iye Ẹgbẹ́ Ńlá ga sókè dípò kó wálẹ̀. Bí iye bá ń rìn lòdì sí èrò, ọwọ́ amòye ló ń tì í. Àmì nìyẹn."

Ohùn Olójú-Mẹ́rin lọ sílẹ̀, kò sì fi ṣẹ̀fẹ̀ mọ́.

"Ẹ má bínú o, Bàbá. Ọwọ́ yín ló tì í. Ẹ̀yin lẹ yí iye padà, ẹ wá ń wo ìyípadà tí ẹ ṣe, ẹ ń pè é ní ẹ̀rí. Ẹ ń wo ẹsẹ̀ ara yín lórí iyẹ̀pẹ̀, ẹ ń ní àlejò kan gba ibí kọjá."

Bàbá kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó jókòó, ó ń wo fáànù tó ń mi orí, kò sì mọ̀ nínú ohun tí ojú rẹ̀ ń rí èyí tó jẹ́ òde àti èyí tó jẹ́ inú ara rẹ̀. Iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú, ó dà bí èdè tí ó gbàgbé.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ṣe ohun tí kì í ṣe. Ó wọ bàtà, ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó forí lé ìsọ̀ tí owó àkọ́kọ́ ti wọlé.

Ìsọ̀ náà kò ju yàrá tí ènìyàn mẹ́fà lè dúró sí lọ. Àwọn ọkùnrin kún inú rẹ̀, wọ́n ń ta Ẹgbẹ́ Ńlá, wọ́n ń bú ara wọn. "Gbé owó ẹ lọ ra sálúbàtà, o ò rí ẹsẹ̀ ẹ ni?" "Bí mo bá jẹ, ìwọ ni mo kọ́kọ́ máa ra bàtà fún, kí o lè sá fún gbèsè!" Nígbà tí wọ́n rí Bàbá, wọ́n yà fún un. Ìyá Ìbejì, tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn irin ojú fèrèsé, dìde dúró.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ̀yin fúnra yín? Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ẹnì kan wá ta Aláwọ̀-Ewé lọ́dọ̀ rẹ. Owó tó kún dé òpin. Ta ni?"

Ìyá Ìbejì wo ilẹ̀. Ó ń nu tábìlì tó ti mọ́ tónítóní.

"Mo bi ọ́ ní ìbéèrè."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí á má..."

"Kí ẹ má kí ni?"

"Ẹ ní kí á má bá yín sọ ọ́ mọ́."

Bàbá di irin fèrèsé mú.

"Sọ ọ́."

"Mẹkáníìkì ni, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lódìkejì títì yẹn. Òun ló mú owó wá. Àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ yín ló dá a jọ, Bàbá. Èyí tó ń jó irin, àwọn tó ń kun mọ́tò, gbogbo wọn. Mo ní òpin ò gba gbogbo ẹ̀, mo ní kí wọ́n mú ìyókù lọ sí ìsọ̀ mìíràn. Èmi ni mo rán wọn."

Bàbá ré títì kọjá. Mẹkáníìkì wà lábẹ́ mọ́tò kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Nígbà tó gbọ́ ohùn Bàbá, ó yọ orí jáde kíá, ó dọ̀bálẹ̀ nínú òróró bó ṣe wà.

"Dìde. Ta ló sọ fún yín pé Aláwọ̀-Ewé yóò borí?"

"Wọn ò lè borí o, Bàbá! Ẹgbẹ́ yẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló máa ń gbà pé wọ́n máa borí. Gbogbo ọdún la fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ara ṣòkòtò. "Nígbà tí wọ́n pàdé Ẹgbẹ́ Ńlá kẹ́yìn, ó lọ wò wọ́n pẹ̀lú ibà lára. A wá ní eléyìí, a ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. A ní kí á bá a ta á."

"Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé?"

"Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé lòun máa ń lọ, kó tó wá síbi iṣẹ́ níbí. Ó ní ẹni tó bá mọ nǹkan kì í dúró de ọjọ́ eré. Ó ní ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Bàbá wo ibòmíràn.

"Tíkẹ́ẹ̀tì kékeré kan wà lẹ́yìn, lẹ́yìn tí iye ti lọ sílẹ̀."

Mẹkáníìkì fọwọ́ họ orí. "Ti Màmá nìyẹn. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó rán owó tiwọn. Ìgbà tí mo fi máa dé ìsọ̀, ẹ ti gé e."

Ìyàwó Bàbá, ìyá olóògbé, ni Màmá náà. Bàbá dúpẹ́, ó padà sí yàrá òkè. Lójú ọ̀nà, ó ń tò ó: wọ́n tètè dé, wọ́n wúwo, wọ́n kéré níye, wọ́n pín ara wọn káàkiri. Gbogbo àmì amòye pé sára owó náà, kò sì sí amòye kankan nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn ni wọ́n ta, tàbí ẹgbẹ́ tí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn fẹ́ràn. Owó èrò ni, ó kàn wọ ẹ̀wù tí òun fúnra òun rán ni. Àmì kan ṣoṣo tí kò báramu ni pé ilé kankan mìíràn kò mira, òun náà ló sì jẹ́ òtítọ́.

Màdáámú ti wà níbẹ̀ nígbà tó dé, ó dúró ti kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ kò dára.

"Bàbá, a dá wà ní gbogbo ọjà. Ológbò ti jẹ wá dé eegun."

"Mo mọ̀. Mo ṣi owó kà. Owó àkọ́kọ́ yẹn, owó èrò ni."

"Èrò ní àárọ̀ ìṣí? Pẹ̀lú owó tó wúwo báyẹn?"

"Wọ́n dá a jọ ni."

"Kí ni wọ́n ń dá a jọ lé lórí?"

Fáànù mi orí lọ, ó mi orí bọ̀.

"Ọmọ mi," ni Bàbá wí.

Màdáámú wá àga, ó jókòó. Olójú-Mẹ́rin bọ́ gíláàsì rẹ̀, kò sì nù ún. Bàbá fa àga onírọ̀rí mọ́ tábìlì, ó gbé iye Aláwọ̀-Ewé padà sí ìlọ́po mẹ́rin àbọ̀, ó rẹ ti Ẹgbẹ́ Ńlá sílẹ̀ títí tó fi bá ti ọjà mu. Ológbò kò padà wá. Bí iye bá ti tọ́, amòye kò ní ohun tó ń wá mọ́.

Láti ọjọ́ kejì, èrò ya dé gidi, gbogbo wọn lórí Ẹgbẹ́ Ńlá. Iye Ẹgbẹ́ Ńlá ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níbi gbogbo, ti Aláwọ̀-Ewé ń gòkè, Bàbá sì ń bá wọn rìn ní ẹsẹ̀ kan náà. Nígbà tí fèrè eré fẹ́ dún ní Àbámẹ́ta, Aláwọ̀-Ewé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún. Màdáámú fi iye ìtì wọn wé ti àwọn ilé ńlá. Kò sí ìyàtọ̀ kan tó ṣeé tọ́ka sí.

Eré náà parí sí ọ̀mì. Aláwọ̀-Ewé kò borí, Ẹgbẹ́ Ńlá kò borí. Owó èrò ṣubú, owó Ológbò ṣubú, owó àwọn mẹkáníìkì náà ṣubú. Màdáámú pàtẹ́wọ́ títí.

"Gbogbo ẹ̀ wọlé sílé! Bàbá, àga yín ni o. Kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín."

"Mo dúpẹ́," ni Bàbá wí. Ọpẹ́ rẹ̀ dé ẹnu, kò mọ ibi tó ti wá. Àga tó bẹ̀rù pé yóò bọ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Nínú èrè tí wọ́n ń yọ̀ lé lórí, owó tí wọ́n dá fún ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ti ìyá ọmọ náà sì wà níbẹ̀. Ó wá ibi tí ìbànújẹ́ wà nínú rẹ̀, kò rí i dáadáa. Ó wá ibi tí ayọ̀ wà, kò rí òun náà. Olójú-Mẹ́rin po tíì fún un. Ó mu ún, kò sì mọ̀ bóyá ṣúgà wà nínú rẹ̀.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ jókòó síwájú rédíò tó ti pa.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá ilé wa. Ẹ gbọ́ eré?"

"Mo gbọ́. Mo gbọ́ pé o dá owó."

Kò sẹ́. "Mo dá a."

"Ṣé o mọ̀ pé wọn ò lè borí?"

"Ta ló sọ fún yín pé torí kí wọ́n borí la ṣe dá a?"

Bàbá jókòó. Ilẹ̀kùn títì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn.

"Iye tí o gbà kò dára," ló wí. "Mẹ́ta àbọ̀. Èmi ni mo gé e."

"Wọ́n sọ fún mi. Mo ní kò burú, mo ní ẹ ń bá iṣẹ́ yín lọ ni."

Bàbá tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ le bó ṣe máa ń le tó bá ń kọ́ ènìyàn níṣẹ́.

"Bí ẹ bá tún fẹ́ ta Aláwọ̀-Ewé sí àwọn ẹgbẹ́ ńlá, ẹ má tètè lọ mọ́. Ẹ dúró di ọ̀sán Àbámẹ́ta. Èrò yóò ti ta ẹgbẹ́ ńlá títí, wọn yóò ti bá yín gbé iye tiyín ga. Ó yé ọ?"

"Ó yé mi." Ìyàwó rẹ̀ gbọ́n ẹ̀wù rẹ̀, kò wo ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n àárọ̀ Ọjọ́ Ajé lòun máa ń lọ."

"Mo mọ̀," ló wí. "Èmi ni mo kọ́ ọmọ wa."